Ogún Orúkọ Kí Sikíríìpù Tó Dá Ṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sanwó wo fíìmù lórí HBO Max ṣàdédé rí ímeèlì kan gbà. Àkọlé rẹ̀ ni "Integration Test Email #1". Inú rẹ̀ kò ní ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ, tó sọ pé àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé, wọ́n sì sọ pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló wà nídìí rẹ̀. Ímeèlì yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ká ní iye owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà kan ló wà nínú rẹ̀, tó sì lọ já sọ́wọ́ ẹlòmíràn ńkọ́? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ kéékèèké nílẹ̀ wa ń gbé fún kọ̀ǹpútà ṣe báyìí, lásìkò tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 1,200. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, tí yóò sọ iye tó ti fi pamọ́ àti iye gbèsè tó kù sí i lọ́rùn. Bí akọ̀wé bá ní kí òun fọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀, oṣù tuntun á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ sikíríìpù fún wọn. Àwọn àṣẹ tí a tò sínú fáìlì kan, tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni à ń pè ní sikíríìpù. Eléyìí yóò ṣí àkójọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, yóò mú ẹnì kan, yóò to ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, yóò fi í rán iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kàn sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Orí sáfà kan tí ẹgbẹ́ ń sanwó háyà ló wà, aago mẹ́fà ìdájí ni yóò sì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí akọ̀wé lè ṣì wà lójú oorun.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ tán, ó fi orúkọ mẹ́ta dán an wò: tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún. Akápò ní ó ti yá, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé ibi yìí ni pé kó dúró ná. Orúkọ mẹ́ta tí ẹni tó kọ sikíríìpù fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, tí kò sí àṣìṣe kankan nínú wọn, kò jọ ohun tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ rárá. Ìwé ẹgbẹ́ ti kọjá lọ́wọ́ akọ̀wé mẹ́rin, ó ti ti inú ìwé alálà bọ́ sínú Excel, àwọn èèyàn ti pààrọ̀ fóònù, àwọn kan ti kú. Inú ìwé yẹn ló yẹ kí iṣẹ́ àyẹ̀wò ti wá.

Bó bá jẹ́ èmi, 20 ni màá mú. Mi ò ní mú 20 àkọ́kọ́ nínú ìwé, nítorí àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀, àwọn tí orúkọ àti nọ́ńbà wọn ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Màá ṣa 8 láìwojú ẹnikẹ́ni. Àwọn 12 yòókù ni màá fara balẹ̀ wá kàn, nítorí pé mo mọ̀ pé wọ́n lè fa wàhálà. Màá mú méjì tí òdo ti bọ́ lórí nọ́ńbà wọn: bí a bá tẹ nọ́ńbà fóònù sínú Excel, tí a kò sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni kó kà á sí, Excel á rò pé iye ni, á sì yọ òdo iwájú dànù, tí nọ́ńbà tó yẹ kó jẹ́ 11 á wá di 10. Màá mú ẹnì kan tí akọ̀wé kọ nọ́ńbà méjì sínú àpótí kan ṣoṣo fún, àti ẹnì kan tí kò ní nọ́ńbà rárá. Màá mú ẹnì kan tí nọ́ńbà tirẹ̀ ní òdo níwájú àmọ́ tí kò pé lẹ́yìn, ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tọkọtaya kan tí wọ́n jọ ń lo fóònù kan, ẹnì kan tí kò ní kọ́bọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́, àti ẹni méjì tí a kọ orúkọ wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn ni olóògbé kan, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé nìkan.

Kí a tó tẹ bọ́tìnì kankan, a ó mú bébà, a ó sì kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 20 yìí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré kọjá. Bí a kò bá kọ ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ló máa dà bíi pé ó tọ́ lójú wa. Nínú àpẹẹrẹ wa, 15 ló yẹ kó lọ. Márùn-ún ló yẹ kó yà sọ́tọ̀ kí èèyàn wá wò ó: ẹni tó ní nọ́ńbà méjì, ẹni tí kò ní rárá, ẹni tí tirẹ̀ kò pé, orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, àti olóògbé. Àwọn méjì tí Excel yọ òdo wọn, ó yẹ kí sikíríìpù fúnra rẹ̀ dá òdo náà padà, kó sì ránṣẹ́ sí wọn.

Ó kù kí a rí i dájú pé àyẹ̀wò yìí kò lè kan ọmọ ẹgbẹ́ kankan lára, kí ti HBO Max má baà ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn kan máa ń lọ fọwọ́ pààrọ̀ nọ́ńbà inú àkójọ sí tara wọn. Mi ò fara mọ́ ọn, torí pé àìdáa nọ́ńbà yẹn wà lára ohun tí a fẹ́ dán wò, ẹni tó bá sì ń fọwọ́ pààrọ̀ lè gbàgbé ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn ni kí a ti dí i, níbi tí sikíríìpù ti ń fi ọ̀rọ̀ lé iléeṣẹ́ tó ń ránṣẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò kún àṣẹ, gbogbo iṣẹ́ yòókù á wáyé bó ṣe yẹ, àmọ́ inú fáìlì ni àtẹ̀jíṣẹ́ máa bọ́ sí dípò fóònù èèyàn:

```
python3 ranse.py --akojo ayewo20.csv --gbiyanju

06  LO  234803*******  oju-iwe 1
07  LO  234805*******  oju-iwe 3
08  YA  nomba ko pe 11
```

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe é, ó sì rí i ní ìsàlẹ̀ pé 15 lọ, márùn-ún yà sọ́tọ̀. Iye náà bá ti orí bébà mu gẹ́lẹ́. Bó bá dúró síbẹ̀, ó ti tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn. Nígbà tó wò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni kò tọ́. Àwọn méjì tí òdo bọ́ lórí nọ́ńbà wọn ni sikíríìpù yà sọ́tọ̀, nítorí nọ́ńbà wọn kò pé 11. Ẹni tó ní nọ́ńbà méjì, ó gé 11 àkọ́kọ́ lára rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ síbẹ̀. Olóògbé náà, ó ránṣẹ́ sí i pé kó má gbàgbé gbèsè rẹ̀. Méjì tó lọ láìyẹ àti méjì tó yà sọ́tọ̀ láìyẹ pa ara wọn rẹ́ nínú àròpọ̀. Ìlà ni kí ẹ máa fi wé ìlà, ẹ má ṣe fi àròpọ̀ wé àròpọ̀.

Kì í ṣe ẹni tó kọ sikíríìpù ló yẹ kó dá ìpinnu ṣe lórí irú nǹkan báwọ̀nyí. Ó tọ akápò lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa bá mi dá sí i. Ẹni tó ní nọ́ńbà méjì yìí, èwo la ó lò?"

"O ò gbọdọ̀ lo ìkankan títí a ó fi pè é. Nọ́ńbà tí èèyàn ò bá lò mọ́, àwọn oníléeṣẹ́ fóònù á gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣé o fẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni máa ka gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ wa ni?"

"Àwọn tó ti dolóògbé ńkọ́, sà?"

"Àwọn ìyẹn, èmi fúnra mi ni màá lọ bá ẹbí wọn."

Látàrí èyí ni wọ́n fi ṣe àpótí tuntun sínú àkójọ, tí akọ̀wé á máa kọ "da duro" sí fún ẹnikẹ́ni tí a kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí. Sikíríìpù kò lè ka ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó mọ ohun tó túmọ̀ sí, àmọ́ ó lè ka àpótí kan tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ìlà 07 tó wà lókè yẹn, tó gba ojú ìwé mẹ́ta. Ó kàn wá tààrà, àwa tí a ń kọ Yorùbá. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní àkójọ lẹ́tà tirẹ̀ tó ti wà láti ìgbà tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ bá wà nínú àkójọ náà, 160 ló máa gba ojú ìwé kan. Àmọ́ ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì náírà tó ní ilà méjì, ₦. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ sí ọ̀nà míì, níbi tí ojú ìwé kan kò ti ní gbà ju lẹ́tà 70 lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju ojú ìwé kan lọ níbẹ̀, 67 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Lẹ́tà 150 ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ó sì kọ N dípò ₦, kó lè jẹ́ ojú ìwé kan. Kò rántí pé sikíríìpù á fa orúkọ ẹni jáde láti inú àkójọ. Ẹni tí wọ́n kọ ní Olayinka gba ojú ìwé kan, ẹni tí wọ́n kọ ní Ọláyínká gba mẹ́ta.

Ká ní 400 nínú àwọn 1,200 ló ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ wọn. Àwọn 800 yòókù á gba ojú ìwé 800, àwọn 400 á gba 1,200, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 2,000. Ojú ìwé 1,500 ni ẹgbẹ́ sì ti rà, tí wọ́n rò pé ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Owó á tán lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wà nítòsí. Àwọn kan á sọ pé kí a yọ àmì kúrò lórí orúkọ. Èmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀, torí orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń gé kí owó má baà jáde. Ohun tó dára jù ni kí a gé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kúrú láti 150 sí 134. Nígbà náà, àwọn tí orúkọ wọn ní àmì á gba ojú ìwé méjì dípò mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á di 1,600. Ó ku 100 péré kí ẹgbẹ́ rà kún un. Orúkọ mẹ́ta ìjọ́sí kò lè fi èyí hàn láéláé, nítorí pé kò sí àmì kankan lórí ìkankan nínú wọn.

Bí a bá ti tún gbogbo èyí ṣe, tí ìlà 20 bá bébà mu, ó tó àkókò láti da iṣẹ́ náà rú ní ọwọ́ ara wa. Sáfà lè tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já. A ó darí àwọn 15 tó ń lọ sí fóònù ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ lóòótọ́, a ó sì fi `kill -9` dá sikíríìpù dúró lójijì nígbà tó bá wà lórí ẹkẹjọ. Lẹ́yìn náà, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹni àkọ́kọ́, àwọn méje á gba àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó kọ ọ́ lè sọ pé kò burú, kí a máa kọ "ti lo" sí iwájú ẹni tí a bá ti ránṣẹ́ sí. Ó dáa, àmọ́ àlàfo kan wà láàárín fífi ránṣẹ́ àti kíkọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú nínú àlàfo yẹn, ọ̀rọ̀ ti lọ, àkọsílẹ̀ kò sì mọ̀. Bí a bá yí i padà, tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó ránṣẹ́, ẹni náà lè má gba nǹkan kan, àkọsílẹ̀ á sì máa ní ó ti gbà. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó gbà wá ni kí ipò iṣẹ́ jẹ́ mẹ́ta: ó ń dúró, ó ń lọ, ó ti lọ. Kí sikíríìpù tó ránṣẹ́, á kọ "n lo". Bí ìdáhùn bá dé, á yí i sí "ti lo". Ẹnikẹ́ni tí a bá bá ní "n lo" lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kú, sikíríìpù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, èèyàn ni yóò wò ó. Nínú àyẹ̀wò wa, ohun tó yẹ kí a rí lẹ́yìn `kill -9` ni méje tó ti lọ, ẹyọ kan tí a ó wò fúnra wa, àti méje tó ń dúró.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tí àwọn èèyàn kì í sì í ṣe: kí a jẹ́ kí àpò owó ìránṣẹ́ ṣófo, kí a sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wọ̀nyí ló máa ń dáhùn bí ẹni pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, tí a ó sì wá bá a nínú ìdáhùn náà pé owó ti tán. Sikíríìpù tó kàn ń wò ó bóyá ìdáhùn dé á kọ "ti lo" sí iwájú gbogbo èèyàn, láìjẹ́ pé ẹyọ kan lọ. Bí a bá ti rí èyí, a ó kọ ọ́ kó ka inú ìdáhùn, kó sì dúró pátápátá bí márùn-ún bá kùnà léra wọn.

Ìdíwọ́ míì tún wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ti wọlé pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, ó wà nínú fódà iṣẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àṣírí iléeṣẹ́ tó ń ránṣẹ́ sì ti wà ní sẹpẹ́ níbẹ̀. `cron`, ìyẹn ètò tó máa ń jí sikíríìpù ní àkókò rẹ̀, kò ní ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ibòmíràn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ka ohun tí a kọ sílẹ̀ fún ìgbà tí èèyàn bá wọlé, ibi tó sì ń wá irinṣẹ́ sí kéré gan-an. Sikíríìpù tó ní kí a ṣí "omo_egbe.csv" láìsọ inú fódà tó wà lè má rí i. A lè fojú ara wa rí ohun tí `cron` yóò rí báyìí:

```
cd /home/egbe && env -i HOME=/home/egbe PATH=/usr/bin:/bin \
  /bin/sh -c 'python3 /home/egbe/ise/ranse.py --gbiyanju'
```

Bó bá ṣiṣẹ́ níbi tí ohun gbogbo ṣófo yìí, ọkàn wa lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo aago náà. Aago àgbáyé ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Aago mẹ́fà tiwa ni aago márùn-ún tiwọn:

```
0 5 1 * * flock -n /tmp/ranse.lock python3 /home/egbe/ise/ranse.py
```

`flock` tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí sikíríìpù náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí èyí àkọ́kọ́ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá kan ẹni tí yóò gbọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà gbé ètò tuntun kan sórí sáfà rẹ̀ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á. Sáfà mẹ́jọ ni, àmọ́ ètò tuntun náà kò dé orí ọ̀kan nínú wọn, ètò àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́ sì jí lórí rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, wọ́n pàdánù ohun tó lé ní $460 mílíọ̀nù. Ìwé tí àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìpín gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà sọ pé kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ kan, tó ń tọ́ka sí àṣìṣe náà. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìkìlọ̀. Nítorí náà, nígbà àyẹ̀wò, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kan jẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá fóònù akọ̀wé dún, bóyá ó lóye ohun tó kà, bóyá ó sì mọ ẹni tí yóò pè. Kí ìròyìn máa wọlé lóṣooṣù bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ lọ dáadáa, torí bí sáfà bá kú kí aago mẹ́fà tó lù, kò lè ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé òun ti kú. Ẹni tó bá ń retí ìròyìn ní aago méje tí kò rí i ni yóò mọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, èmi ò ní tíì fi 1,200 lé e lọ́wọ́. Oṣù àkọ́kọ́, ọmọ ẹgbẹ́ 50 ni kó ṣe, àwọn tí akápò ti sọ fún ṣáájú. Kó jẹ́ ní aago mẹ́fà, kó jẹ́ `cron` ló jí i, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jí tì í láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, 50 nìkan ló máa bàjẹ́ dé, èèyàn sì lè pe 50 láti tọrọ àforíjì. Bí akọ̀wé bá pe mẹ́wàá nínú wọn lọ́sàn-án, tí iye tó wà lórí fóònù wọn sì bá ìwé mu, gbogbo ẹgbẹ́ lè wọlé lóṣù kejì. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ akọ̀wé lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù ni kó ro àwọn tó ti lọ, àwọn tó yà sọ́tọ̀ àti àwọn tó ṣì wà ní "n lo" pọ̀, kó rí i pé wọ́n jẹ́ 1,200 gẹ́lẹ́, kó sì gbé orúkọ àwọn tó yà sọ́tọ̀ wá síwájú ìpàdé kí wọ́n lè wá nọ́ńbà tó péye fún wọn kí oṣù tó parí.